40% pẹ̀lú 20%: ṣé wọ́n rẹ́ mi jẹ ni?

Àṣàkẹ́Òní

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ilé. Mo ra jákẹ́ẹ̀tì kan lónìí. 20,000 ni iye tó wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n wá lẹ bébà pupa mọ́ ọn pé àwọn ti yọ 40% kúrò. Lókè ibi tí wọ́n fi kọ́, wọ́n tún gbé pátákó kan síbẹ̀: "Ẹ̀dínwó 20% sí i ní ìdí káńtà." Mo ti ṣírò ọ̀rọ̀ náà kí n tó dé ibẹ̀. 40 àti 20 jẹ́ 60, nítorí náà 8,000 ni màá san. Ọmọbìnrin tó ń gbowó ní 9,600. Àwọn èèyàn ti tò sẹ́yìn mi, ojú ń tì mí, mo bá san án. Ṣé wọ́n rẹ́ mi jẹ ni? Bí kò bá sì rí bẹ́ẹ̀, báwo ni mo ṣe lè mọ iye tí màá san nígbà tí mo ṣì dúró ti ọjà, kí n tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gbowó?

Àrẹ̀mú88

Wọn ò rẹ́ ẹ jẹ tán, wọ́n kàn fọgbọ́n gba díẹ̀ lọ́wọ́ ẹ ni. Òótọ́ ni pé a kì í ro méjèèjì pọ̀. Àmọ́ èyí tó kéré ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ yọ, nígbà tí owó ṣì sanra. Wọ́n ti kọ́kọ́ fi 40% gé e wálẹ̀, ìgbà tí 20% máa fi dé, owó ti rù, kò rí nǹkan kan mú mọ́. Lọ́jọ́ mìíràn, sọ fún wọn pé kí wọ́n kọ́kọ́ yọ 20% kí wọ́n tó yọ 40%.

Káńtà-Ọdún-Méjìlá

Àṣàkẹ́, kò sẹ́ni tó rẹ́ ẹ jẹ. 9,600 náà ló tọ́. Mo lo ọdún 12 nídìí káńtà, ẹjọ́ yìí ni mo sì ń gbọ́ jù ní gbogbo àsìkò ẹ̀dínwó.

Nígbà tí jákẹ́ẹ̀tì yẹn fi máa dé ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin yẹn, kì í ṣe ọjà 20,000 mọ́. Bébà pupa yẹn ti sọ ọ́ di ọjà 12,000. Ara 12,000 yìí ni wọ́n ti yọ 20% tí pátákó ṣèlérí, ìyẹn 2,400. Yọ rìsíìtì rẹ jáde kó o wò ó, ó yẹ kó rí báyìí:

```
JÁKẸ́Ẹ̀TÌ         20,000
Ẹ̀dínwó 40%      -8,000
                12,000
Ẹ̀dínwó 20%      -2,400
Ẹ SAN            9,600
```

1,600 ló wà láàárín ohun tó o rò àti ohun tó o san. Ṣé o mọ ibi tí 1,600 yẹn ti wá? Òun ni 20% lára 8,000 tí wọ́n ti kọ́kọ́ yọ fún ẹ. Ohun tó ò ń béèrè ni pé kí wọ́n tún dín owó kù fún ẹ lórí owó tí ìwọ fúnra ẹ ò ní san mọ́. Bí ríro pọ̀ bá tọ̀nà ni, ọjọ́ tí wọ́n bá kọ 60% sára ọjà tí wọ́n sì fi 50% lé e, o ò ní san kọ́bọ̀, ṣọ́ọ̀bù náà á tún gbé owó lé ẹ lọ́wọ́.

Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn oníbàárà mi ni pé kí wọ́n gbàgbé ohun tí wọ́n yọ, kí wọ́n máa wo ohun tó ṣẹ́kù. Bí wọ́n bá yọ 40, 60 ló kù. Bí wọ́n bá yọ 20, 80 ló kù. Nítorí náà, 80% nínú 60 lo máa san, ìyẹn 48. Nínú gbogbo 100, 48 jáde lápò rẹ, 52 dúró síbẹ̀. Ẹ̀dínwó 52% lo jẹ, kì í ṣe 60%.

Àrẹ̀mú, ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ ló tọ̀nà. Òótọ́ lo sọ pé a kì í rò wọ́n pọ̀. Àmọ́ gbìyànjú èyí tó o sọ yẹn wò. 20% nínú 20,000 jẹ́ 4,000, ó ku 16,000. 40% nínú 16,000 jẹ́ 6,400. Mélòó ló kù?

Àrẹ̀mú88

9,600. Ó mà ṣe o.

Káńtà-Ọdún-Méjìlá

Ṣé o rí i? Kékeré jẹun lára owó tó sanra lóòótọ́, àmọ́ ńlá ló wá bá owó tó ti rù. 60 lọ́nà 80 àti 80 lọ́nà 60, ọ̀kan náà ni wọ́n.

Ìyá Méjì

Ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ yín. Àṣàkẹ́, kí ló dé tó ò ná an? Èmi ò lè dákẹ́ kí ọmọ kékeré máa dá iye lé mi lórí, ì báà jẹ́ àsìkò ẹ̀dínwó.

Àmọ́ èmi náà ní tèmi. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà pé bí mo bá ra bàtà kan, màá gba ìkejì ní ìdajì owó. Mo ní, á, ìdajì ni 50%, ẹ jẹ́ ká lọ kó o. Mo mú ti 12,000, mo tún mú ti 6,000 fún ọmọ. Lọ́kàn mi, 9,000 ni màá san. Wọ́n gba 15,000 lọ́wọ́ mi! Mo yí i títí, ó sú mi. Ṣé tèmi náà kì í ṣe jìbìtì?

Akẹ́kọ̀ọ́Ìṣirò

Ìyá Méjì, ọ̀rọ̀ ọjà níná kọ́ ni Àṣàkẹ́ ń béèrè o, ìṣirò ló ń béèrè. Àmọ́ tiyín náà dùn ún gbọ́.

Ìdajì yẹn, orí bàtà kan ṣoṣo ló wà, wọ́n sì máa ń gbé e lé èyí tí owó rẹ̀ kéré. Ìdajì 6,000 ni wọ́n fi jì yín, ìyẹn 3,000. Gbogbo ọjà tẹ́ ẹ rù dé ibẹ̀ jẹ́ 18,000. 3,000 nínú 18,000 jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́fà, kò pé 17%. Ká ní bàtà méjì tí iye wọn dọ́gba lẹ mú ni, ẹ̀dínwó yín ì bá jẹ́ 25%. Ibẹ̀ ló mọ, kò lè kọjá bẹ́ẹ̀. Bí bàtà kejì bá ṣe ń kéré sí, bẹ́ẹ̀ ni pásẹ́ǹtì yẹn ń rù sí.

Ìyá Méjì

25%, àwọn tó kọ ìdajì gàdàgbà. Ó dáa. Bàtà ọmọ yẹn tiẹ̀ ti fún un lẹ́sẹ̀ báyìí.

Àrẹ̀mú88

Ẹ̀gbọ́n Káńtà, mo gbà fún ti Àṣàkẹ́. Àmọ́ ẹ ò lè sọ fún mi pé èwo ló ṣáájú ò já mọ́ nǹkan kan, torí ojú mi ló ṣe. Lórí fóònù ni mo ti ra báàgì kan tó jẹ́ 10,000. Ẹ̀dínwó 20% wà lórí rẹ̀, mo sì ní kúpọ́ọ̀nù 1,000. Mo ṣírò ọ́ sí 7,000. Nígbà tí mo tẹ kúpọ́ọ̀nù náà wọlé, 7,200 ló gbé jáde. Ṣé òun náà dọ́gba?

Káńtà-Ọdún-Méjìlá

Ó dáa bó o ṣe mú u wá. Ìyẹn yàtọ̀ pátápátá, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ tó o sọ lẹ́ẹ̀kan ti wúlò díẹ̀, àfi pé o gbé e sódì.

Kúpọ́ọ̀nù 1,000 kì í ṣe pásẹ́ǹtì. Owó kan pàtó ni, kì í sanra, kì í rù. Bí wọ́n bá kọ́kọ́ yọ 20%, 10,000 á di 8,000, kúpọ́ọ̀nù á yọ 1,000, ó di 7,000. Ohun tó o retí nìyẹn. Bí wọ́n bá kọ́kọ́ yọ kúpọ́ọ̀nù, 10,000 á di 9,000, 20% nínú rẹ̀ jẹ́ 1,800, ó ku 7,200. Ohun tí fóònù rẹ ṣe nìyẹn.

200 tó sọnù yẹn ni 20% lára 1,000 tí kúpọ́ọ̀nù ti kó kúrò nílẹ̀ kí pásẹ́ǹtì tó dé. Nítorí náà, bí owó pàtó bá pàdé pásẹ́ǹtì, ìwọ tó ń ra ọjà, pásẹ́ǹtì ni kó o fẹ́ kó ṣáájú. Bí pásẹ́ǹtì bá sì pàdé pásẹ́ǹtì, má da ara ẹ láàmú, wọ́n á jọ dé ibì kan náà ni.

Èwo ni ṣọ́ọ̀bù máa kọ́kọ́ yọ? Ọwọ́ wọn nìyẹn wà, bí wọ́n bá ṣe to ẹ̀rọ wọn ló máa ṣe. Àwọn kan kọ ọ́ sí ẹ̀yìn kúpọ́ọ̀nù, ọ̀pọ̀ ò kọ ọ́ rárá. Tún kíyè sí ohun kan: bí kúpọ́ọ̀nù bá ní ọjà gbọ́dọ̀ tó 10,000 kó tó ṣiṣẹ́, béèrè bóyá iye tó wà kí ẹ̀dínwó tó wọlé ni wọ́n ń wò, àbí iye tó kù. Ká ní iye tó kù ni, báàgì rẹ ti di 8,000, kúpọ́ọ̀nù yẹn ò ní í ṣiṣẹ́ rárá.

Àṣàkẹ́Òní

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Mo ti yọ rìsíìtì náà jáde, bẹ́ ẹ ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́ ló rí, àfi pé wọn ò kọ 12,000 sáàárín. Ó ti ń yé mi. Àmọ́ 80% nínú 60 yẹn, nígbà tí mo bá wà lórí ìdúró, tí ọmọ ń fa aṣọ mi, báwo ni mo ṣe máa ṣe é? Mo tún gbìyànjú rẹ̀ lórí fóònù lálẹ́ yìí. Mo tẹ 40, mo tẹ àmì ìròpọ̀, mo tẹ 20, mo wá tẹ `%`. Ó gbé 48 jáde. Ṣé ẹ̀dínwó tí mo jẹ wá jẹ́ 48% ni? Ẹ̀yin lẹ sọ pé 52.

Akẹ́kọ̀ọ́Ìṣirò

Háà, 48 yẹn kò ní í ṣe pẹ̀lú 48 ti ẹ̀gbọ́n Káńtà o! Wọ́n kàn ṣèèṣì jọra ni. Bó o bá tẹ 40, o fi 20% kún un, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìṣirò máa ń rò pé o ní kó fi 20% lára 40 kún 40 fúnra rẹ̀. 20% nínú 40 jẹ́ 8, 40 àti 8 jẹ́ 48. Ti ẹ̀gbọ́n Káńtà, 80% nínú 60 ni. Dán an wò pẹ̀lú 30 àti 20 kó o rí i pé wọ́n á pínyà: fóònù rẹ á sọ pé 36, bẹ́ẹ̀ 56 ló kù lóòótọ́.

Fóònù ò tiẹ̀ fohùn ṣọ̀kan lórí àmì yẹn. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé 0.2 ni wọ́n ń ka 20% sí, wọ́n á sì gbé 40.2 jáde. Èmi kì í fọwọ́ kan `%` rárá. Ohun tó ṣẹ́kù ni mo máa ń tẹ̀:

```
20000 × 0.6 × 0.8 = 9600
```

Bí ẹ̀dínwó kẹta bá wà, bíi ti káàdì oníbàárà 10%, màá fi `× 0.9` sí ìdí rẹ̀, ó di 8,640.

Bí kò bá sí fóònù, mo ní ọ̀nà kan. Ro méjèèjì pọ̀ bó o ṣe ṣe lákọ̀ọ́kọ́, kó o wá dá ohun tó pọ̀ jù padà. 40 àti 20 jẹ́ 60. 20% nínú 40 jẹ́ 8. Yọ 8 kúrò nínú 60, 52 nìyẹn, ẹ̀dínwó rẹ gan-an. 8 yẹn ni 1,600 tí ẹ̀gbọ́n sọ, àfi pé orí 100 la ti wò ó.

Káńtà-Ọdún-Méjìlá

Ọ̀nà Akẹ́kọ̀ọ́ dára fún ẹni tó fẹ́ mọ pásẹ́ǹtì. Àmọ́ Àṣàkẹ́ fẹ́ mọ owó, ọmọ sì ń fà á láṣọ. Èmi máa ń wá 10% ni, torí òun kì í lekoko: gé òdo kan kúrò. 10% nínú 20,000 jẹ́ 2,000. 60 ló kù, ìyẹn 2,000 lọ́nà mẹ́fà, 12,000. 10% nínú 12,000 jẹ́ 1,200, ìlọ́po méjì rẹ̀ jẹ́ 2,400. 12,000 yọ 2,400, 9,600. Ìgbésẹ̀ méjì péré. O ò ní ro 40 àti 20 pọ̀ níbì kankan.

Bí iye náà kò bá gún, bíi 17,950, sọ ọ́ di 18,000. 10% rẹ̀ jẹ́ 1,800, ìlọ́po mẹ́fà jẹ́ 10,800. 10% èyí jẹ́ 1,080, ìlọ́po méjì jẹ́ 2,160, yọ ọ́, ó ku 8,640. Iye gidi jẹ́ 8,616. Ìyàtọ̀ 24 kò lè mú ẹ ṣìnà.

Ìdí tí mo fi ní kó o mọ iye yẹn ṣáájú ni pé ẹ̀rọ ìdí káńtà náà máa ń ṣàṣìṣe, bó bá sì ti ṣe é, iye tó bá pè á sọ ibi tí àṣìṣe náà wà. Fún jákẹ́ẹ̀tì rẹ, bó bá pe 12,000, ẹ̀rọ rí bébà pupa ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé pátákó wà. Ó lè jẹ́ pé pátákó yẹn ò kan irú ọjà yẹn, ó sì lè jẹ́ pé ẹni tó ń gbowó gbàgbé láti tẹ̀ ẹ́. Bó bá pe 16,000, òdìkejì rẹ̀ ni: ó yọ 20%, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fi iye tuntun sínú ẹ̀rọ nígbà tí wọ́n ń lẹ bébà pupa. Ìyẹn ló wọ́pọ̀ jù lójú mi, pàápàá láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ̀dínwó bẹ̀rẹ̀, torí ọwọ́ àwọn tó ń lẹ bébà máa ń yá ju ti ẹni tó wà nídìí kọ̀ǹpútà. Àárín kí wọ́n gbowó àti kí wọ́n tẹ rìsíìtì ló rọrùn jù láti tún un ṣe. Bí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́ tán, ọ̀gá ni wọ́n máa pè, o sì máa dúró.

Àrẹ̀mú88

Bó bá pe 8,000 ńkọ́?

Káńtà-Ọdún-Méjìlá

Á jẹ́ pé ẹnì kan tó mọ ìṣirò bíi ti Àṣàkẹ́ ló to ẹ̀rọ wọn. 😄

Olóòótọ́-Ọ̀rọ̀

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí láti àárọ̀, kò dùn mọ́ mi nínú bẹ́ ẹ ṣe ń sọ pé kò sẹ́ni tó rẹ́ ẹ jẹ. Ìṣirò tọ̀nà, mo gbà. Àmọ́ kí ló dé tí wọn ò kọ 52% sórí pátákó? Wọ́n mọ̀ pé ẹni tó bá rí 40 tó tún rí 20, 60 ló máa kà. Orí 60 yẹn ni wọ́n ń tajà lé. Àwọn kan tilẹ̀ ń fi àmì ìròpọ̀ sáàárín, "40% + 20%". Àmì ìròpọ̀! Bó bá jẹ́ pé ọmọ yín ló kọ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá, ṣé ẹ ò ní fà á létí?

Káńtà-Ọdún-Méjìlá

Mo gbọ́ ẹ, àmì ìròpọ̀ yẹn ò dáa lójú tèmi náà. Àmọ́ gbogbo ìgbà kọ́ ni wọ́n lè kọ 52%. Ọ̀sẹ̀ méjì ló lè wà láàárín bébà pupa àti pátákó. 40% ni wọ́n kọ́kọ́ gé, ọjà ò lọ, wọ́n wá fi 20% lé ohun tó ṣẹ́kù. Lórí ìkọ́ kan náà, aṣọ tí wọ́n gé ní 30% wà, èyí tí wọ́n gé ní 50% wà níbẹ̀, pátákó kan ṣoṣo ló kan gbogbo wọn. Pásẹ́ǹtì kan pàtó wo ni wọ́n máa wá kọ?

Olóòótọ́-Ọ̀rọ̀

Kí wọ́n kọ owó. 9,600. Ẹni tó rí 9,600 kò nílò pásẹ́ǹtì.

Káńtà-Ọdún-Méjìlá

Kí wọ́n tún lẹ bébà tuntun mọ́ aṣọ 400 lóru ọjọ́ kan. O ò tíì bá wọn lẹ bébà rí.

Olóòótọ́-Ọ̀rọ̀

Wọ́n ráyè lẹ ti pupa.

Bọ̀dé_Aláyẹ̀wò

Ẹ jẹ́ kí n béèrè tèmi kí ẹ tó jà. Mo rí àpótí ìrìnàjò kan ní 7,200, bébà ara rẹ̀ ní 40% ni wọ́n yọ, ṣùgbọ́n wọ́n ti fa iye àtijọ́ ya. Mo fẹ́ mọ iye tó jẹ́ tẹ́lẹ̀, torí mo rántí pé mo ti rí àpótí yẹn ní nǹkan bí oṣù mélòó kan sẹ́yìn. 40% nínú 7,200 jẹ́ 2,880, mo fi kún un, ó di 10,080. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Akẹ́kọ̀ọ́Ìṣirò

Rárá o. Yọ 40% kúrò nínú 10,080 kó o wò ó: 6,048 ló máa kù, kò dé 7,200. Ara iye àtijọ́ ni wọ́n ti yọ 40% yẹn, ìwọ wá ń wọn ọ́n lára iye tuntun tó kéré. 7,200 ni 60% tó ṣẹ́kù. Pín in sí mẹ́fà, 1,200 nìyẹn, òun ni 10%. Ìlọ́po mẹ́wàá rẹ̀ jẹ́ 12,000. Lórí fóònù, `7200 ÷ 0.6` ni.

Bí ẹ̀dínwó méjì bá ti kọjá lórí ọjà, ẹ̀ẹ̀mejì lo máa pín. 9,600 ti Àṣàkẹ́, pín in sí 0.8, ó di 12,000, tún pín in sí 0.6, ó di 20,000.

Bọ̀dé_Aláyẹ̀wò

12,000! Ìdí tí mo fi béèrè nìyẹn. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé 9,600 ni àpótí yẹn nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i. Ìyẹn ni pé wọ́n gbé e ga kí wọ́n tó gé e?

Káńtà-Ọdún-Méjìlá

Bó bá dá ẹ lójú pé 9,600 ni, á jẹ́ pé wọ́n fi 25% gbé e lọ sí 12,000, kí wọ́n tó wá yọ 40%. Ẹ̀dínwó tó jẹ́ tìrẹ gan-an ni 2,400 nínú 9,600, ìyẹn 25%. Ó ṣì dín owó kù o, kì í ṣe pé kò dín in kù, àmọ́ kì í ṣe 40%.

Èyí tó burú ni èyí tí ẹ̀dínwó ò ju ohun tí wọ́n fi gbé e ga lọ. Ọjà 12,000, fi 25% gbé e ga, ó di 15,000. Yọ 20%, ìyẹn 3,000, ó padà sí 12,000. O ti gba "ẹ̀dínwó 20%", apò rẹ ò sì mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. 25 lókè, 20 nísàlẹ̀, wọ́n pa ara wọn rẹ́, torí orí owó tó tóbi jù ni wọ́n ti wọn 20 yẹn.

Nílẹ̀ Yúróòpù wọ́n ti ṣòfin lé e lórí. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2022, ní àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú Ìṣọ̀kan Yúróòpù, bí oníṣòwò bá kéde pé òun gé iye ọjà kan, iye àtijọ́ tó gbọ́dọ̀ fi hàn ni èyí tó kéré jù lọ tó fi ta ọjà náà láàárín ọjọ́ 30, ó kéré tán, kó tó gé e. Ẹni tó gbé e ga lọ́sẹ̀ tó kọjá ò lè fi ti ọ̀sẹ̀ yẹn yangàn. Níbi tí irú òfin bẹ́ẹ̀ ò bá sí, fọ́tò tó o yà sínú fóònù rẹ nìkan ni ẹlẹ́rìí rẹ.

Bọ̀dé_Aláyẹ̀wò

Èmi ò ya fọ́tò. Ó sì lè jẹ́ pé àpótí mìíràn ni mo rí. Kò dá mi lójú mọ́.

Olóòótọ́-Ọ̀rọ̀

Ohun tí wọ́n ń fẹ́ gan-an nìyẹn, kó má dá ẹ lójú.

Àṣàkẹ́Òní

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo padà lọ síbẹ̀ lónìí. Mo lọ́ra rìn gba ìdí àwọn ìkọ́ kọjá, mo ń gé òdo kan kúrò, mo ń ṣírò. Ní ìkọ́ tó tẹ̀ lé ti àná, mo rí jákẹ́ẹ̀tì kan náà, àwọ̀ nìkan ló yàtọ̀. 20,000 ni òun náà. 55% ni wọ́n kọ sí tirẹ̀, pátákó 20% ò kàn án. Lánàá ni, mi ò bá tiẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀mejì, màá ní 60 ju 55 lọ. Òní ni mo wá mọ̀ pé 52 ló wà lọ́wọ́ mi. 9,000 ni èyí. Mo mú un lọ bá ọmọbìnrin àná yẹn, mo ní mo fẹ́ pààrọ̀. Ṣé ẹ mọ ohun tó sọ? Ó ní bí mo bá dá ti àná padà, 9,600 tí mo san ni òun máa dá padà fún mi, ṣùgbọ́n ọ̀gá òun ló máa sọ bóyá wọ́n ń gba ọjà ẹ̀dínwó padà, ọ̀gá ò sì tíì dé. Ẹ̀gbọ́n Káńtà, ṣé wọ́n máa ń gbà á?

Káńtà-Ọdún-Méjìlá

Ibòmíràn ń gbà á, ibòmíràn kì í gbà á bí pátákó bá ti kàn án. Wo ẹ̀yìn rìsíìtì rẹ, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ ọ́ sí ní lẹ́tà wínníwínní. Má sì já bébà pupa yẹn kúrò lára rẹ̀.

Àṣàkẹ́Òní

Mo ti já a. 🤦🏾‍♀️

Ìyá Méjì

Ìwọ ọmọ yìí. Lọ ná an.